Ihò inú búlọ́ọ̀kù kò sọ ògiri orí dẹ́kìn di fúyẹ́

Ní Abẹ́òkúta níbí, láti Ọbáńtókò dé Àsẹ́rò, ọ̀pọ̀ onílé àti bíríkìlà ló gbà pé dẹ́kìn nìkan ni ẹrù òkè, àti pé ògiri búlọ́ọ̀kù ínṣì mẹ́fà tí wọ́n fi pín yàrá kò tó nǹkan tí à ń kà, nítorí pé búlọ́ọ̀kù náà ní ihò nínú. “Ẹ̀gbọ́n, ibi tó bá wù yín ni ká fà á sí,” ni mo ti gbọ́ lẹ́nu bíríkìlà ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Ẹ jẹ́ ká gbé e sórí òṣùwọ̀n.

Ká mú pálọ̀ kan tó fẹ̀ ní mítà 4, tó sì gùn ní mítà 5, èyí tó jẹ́ mítà onígun mẹ́rin 20. Bí kọnkéré onírin bá fi sẹ̀ǹtímítà kan nípọn, nǹkan bíi kílò 25 ló ń wọn lórí mítà onígun mẹ́rin kan, nítorí náà dẹ́kìn sẹ̀ǹtímítà 15 jẹ́ kílò 375. Yanrìn àti sìmẹ́ńtì tí wọ́n fi tẹ́jú ilẹ̀ ń mú kílò 20 wá fún sẹ̀ǹtímítà kọ̀ọ̀kan, nítorí náà sẹ̀ǹtímítà 5 jẹ́ 100. (Bí dẹ́kìn bá wọ́, tí wọ́n fi èyí dí i títí tó fi di 8, kílò 60 tí ẹnikẹ́ni kò kà ti wọlé nìyẹn.) Táìsì pẹ̀lú gúlúù rẹ̀ jẹ́ nǹkan bíi 25, rírẹ́ abẹ́ dẹ́kìn jẹ́ 25 mìíràn. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ kílò 525, kí ògiri tó dé.

Búlọ́ọ̀kù ínṣì mẹ́fà gbígbẹ, tòun ti ihò rẹ̀, lè wọn nǹkan bíi kílò 18. Ẹ wọn méjì tàbí mẹ́ta nínú tiyín kí ẹ mọ̀. Bí mẹ́sàn-án bá wọ mítà onígun mẹ́rin ògiri kan, ó di 162. Pẹ̀lú sìmẹ́ńtì àárín wọn, ó súnmọ́ 200. Rírẹ́ ẹ̀gbẹ́ méjèèjì fi 60 kún un. Ògiri tó ga ní mítà 3 wá jẹ́ kílò 780 fún mítà gígùn kan, èyí tó gùn ní mítà 5 sì jẹ́ 3,900, ìyẹn àpò sìmẹ́ńtì 78 tí a tò sórí dẹ́kìn, tí kò sì ní kúrò níbẹ̀ láéláé. Bí a bá pín in sórí mítà onígun mẹ́rin 20, ó jẹ́ 195 lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Àpapọ̀ ti di 720, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po méjì dẹ́kìn tí wọ́n kà.

Síbẹ̀, pípín yẹn gan-an lè tanni jẹ, nítorí pé orí ìlà kan ṣoṣo ni ògiri dúró sí. Ìlànà Yúróòpù gbà kí a tan ẹrù ògiri tó ṣeé gbé kiri káàkiri ilẹ̀, kí a kà á sí nǹkan bíi kílò 120 lórí mítà onígun mẹ́rin, bí kò bá ju nǹkan bíi kílò 300 lọ fún mítà gígùn kan. Èyí tó bá wúwo jù bẹ́ẹ̀, ibi tó dúró sí gan-an ni kí a ti ṣírò rẹ̀. Tiwa jẹ́ 780. Bí ẹ bá rí ìlà tó sán lábẹ́ dẹ́kìn, tó tọ ẹsẹ̀ ògiri òkè lọ gbọọrọ, tàbí ilẹ̀kùn inú ògiri náà bẹ̀rẹ̀ sí í há, ẹ pe ẹnjiníà. Ohun tó dára jù ni kí ògiri bọ́ sórí bíìmù, tàbí kí ẹ fi ibi tó máa wà han ẹnjiníà kí wọ́n tó to irin dẹ́kìn.