Ẹ Fi Iye Ilé-iṣẹ́ Sìmẹ́ńtì Kún, Ẹ Fi Ìpàdé Sílẹ̀

Lafarge ti kúrò lọ́wọ́ Holcim bọ́ sọ́wọ́ Huaxin ti ilẹ̀ Ṣáínà, ṣùgbọ́n ẹni tó bá ń retí pé èyí nìkan yóò mú owó sìmẹ́ńtì wálẹ̀ yóò dúró pẹ́. Dangote, BUA àti Lafarge ló di ọjà náà mú ṣáájú, àwọn mẹ́ta náà ló ṣì dì í mú. A ti sọ ọ́ rí, a ó sì tún un sọ: iye àwọn tó ń pèsè ọjà ni kí ìjọba máa wò.

Cournot, onímọ̀ ìṣirò ará Faransé, ti fi ìṣirò hàn ní 1838 pé ọjà lè wọ́n láìjẹ́ pé àwọn tó ń tà á lẹ̀dí àpò pọ̀. Ká ní àpò kan ń ná ẹni tó ṣe é ní 4,000 náírà, tí kò sẹ́ni tí yóò rà á bó bá di 12,000, tó sì jẹ́ pé bí owó bá fi 1,000 wálẹ̀, ọjà yóò gba mílíọ̀nù kan àpò sí i. (Àpẹẹrẹ lásán ni o, kì í ṣe owó ọjà.) Bí ìdíje bá pé pérépéré, mílíọ̀nù 8 àpò ni yóò jáde. Bí ilé-iṣẹ́ mẹ́ta tí agbára wọn dọ́gba bá ń ṣe é, kálukú yóò dúró sí mílíọ̀nù 2, owó yóò sì jẹ́ 6,000. Kí ló dá wọn dúró? Bí ọ̀kan bá fi 1,000 àpò kún tirẹ̀, yóò rí èrè mílíọ̀nù 2 náírà lórí wọn, ṣùgbọ́n owó yóò fi náírà kan wálẹ̀ lórí mílíọ̀nù 2 àpò tó ti ń tà tẹ́lẹ̀. Èrè àti àdánù di ọgbọọgba.

Bí wọ́n bá di 7, ìpín kálukú á kéré, àdánù rẹ̀ á kéré, á sì máa tà sí i: àpapọ̀ á di mílíọ̀nù 7. Bí wọ́n bá di 15, á di mílíọ̀nù 7.5. Ẹni kẹrin nìkan ń fi 400,000 àpò kún un. Ẹni kẹrìndínlógún kò lè fi tó 30,000.

Ìdí nìyí tí ìpàdé Oṣù Kejì 2024 fi ń bí wa nínú títí di òní. Ìjọba pe àwọn oníléeṣẹ́ wọ̀nyí jókòó, wọ́n sì jáde pẹ̀lú àdéhùn 7,000 sí 8,000 náírà lórí àpò kan. Ta ló ń kó àwọn tó yẹ kó máa bára wọn díje jọ sídìí tábìlì kan láti fẹnu kò lórí owó? Bí mẹ́ta bá ń ṣe bí ẹnì kan, mílíọ̀nù 4 péré ni àpẹẹrẹ wa yóò mú jáde.

A mọ̀ pé òkúta ẹfun, gáàsì àti owó ìdásílẹ̀ kò lè jẹ́ kí ilé-iṣẹ́ 15 dìde lọ́la. Ẹni kẹrin àti ẹni karùn-ún ni a ń wá. Kí ìjọba yọ sìmẹ́ńtì inú àpò kúrò lára ohun tí òfin kò jẹ́ kó wọlé, kí wọ́n sì gba ìwé àṣẹ òkúta ẹfun lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni tó bá kàn jókòó lé e.