Ọ̀rá tó fọ́ kò tíì jẹrà

Àwọn ọ̀rá kan wà tí wọ́n máa ń kọ ọ́ sí lára pé wọ́n ń jẹrà. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló gbà á gbọ́, èmi náà sì gbà á gbọ́ fún ọdún mélòó kan. Mo máa ń kó irú wọn pọ̀ mọ́ ewé àti èèpo oúnjẹ nínú òkìtì ajílẹ̀ mi, mo ní ilẹ̀ á jẹ ẹ́. Lọ́jọ́ tí mo fẹ́ lo ajílẹ̀ náà, mo fi asẹ́ jọ̀ ọ́. Lóòótọ́, n kò rí ọ̀rá kankan. Ègé funfun pẹ́pẹ̀pẹ́ ni mo rí, bí ìpẹ́ ẹja, káàkiri inú ilẹ̀ dúdú.

Inú mi kọ́kọ́ dùn, mo rò pé ó ti ń jẹrà lọ nìyẹn. Àṣìṣe tí púpọ̀ nínú wa ń ṣe gan-an nìyí: a rí ohun tó fọ́, a pè é ní ohun tó jẹrà.

Bí ewé bá jẹrà, àwọn kòkòrò àìfojúrí àti èbu ló jẹ ẹ́. Wọ́n sọ ọ́ di oúnjẹ, èyí tó kù sì di omi àti afẹ́fẹ́ kan náà tí a ń mí síta. Ó parí. Pọlitíìnì tí wọ́n fi ń ṣe ọ̀rá ò rí bẹ́ẹ̀. Ẹ̀wọ̀n kábọ́ọ̀nù ni, ẹ̀wọ̀n kan ṣoṣo sì lè ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún oríkèé. Ó gùn ju ohun tí ẹnu kòkòrò lè gbà lọ. Kí kòkòrò tó rí nǹkan jẹ níbẹ̀, nǹkan mìíràn ní láti kọ́kọ́ gé ẹ̀wọ̀n náà kúrú.

Ohun tí àwọn tó ń ṣe ọ̀rá “tó ń jẹrà” yìí ṣe ni pé wọ́n po èròjà díẹ̀ mọ́ pọlitíìnì náà, irú bí iyọ̀ irin, ti máńgáníìsì tàbí ti kóbáàtì. Ike ọ́kísò ni wọ́n ń pe irú rẹ̀. Bí oòrùn bá pa á, tí afẹ́fẹ́ sì kàn án, èròjà yìí á mú kí ẹ̀wọ̀n náà tètè já. Ọ̀rá á gan, á pàdánù ìrọ̀rùn rẹ̀, bí ẹ bá fọwọ́ kàn án á fọ́ wẹ́wẹ́. Ṣùgbọ́n pọlitíìnì ni ègé kọ̀ọ̀kan ṣì jẹ́.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Ọ̀rá kan tó fẹ̀ ní sẹ̀ntímítà 40, tó gùn ní sẹ̀ntímítà 50, wúwo tó gíráàmù 7 tàbí 8. Bí ojú rẹ̀ méjèèjì bá fọ́ sí ègé tó jẹ́ mílímítà kan níbùú lóròó, ègé 400,000 la máa ní. Bí ègé kọ̀ọ̀kan bá tún fọ́ débi tí ìbú àti òró rẹ̀ di ìdá kan nínú mẹ́wàá mílímítà, ó ti di mílíọ̀nù 40. Ẹ gbé e sórí òṣùwọ̀n, gíráàmù 7 tàbí 8 náà ni. Kò sí ohun tó lọ níbì kankan. Ohun tí ẹ lè fi ọwọ́ méjì ṣà tẹ́lẹ̀ ló ti di ohun tí ẹnikẹ́ni ò lè ṣà mọ́. Ike tí kò bá tó mílímítà 5 ni wọ́n ń pè ní ike wínníwínní, nítorí náà ọ̀rá yìí ti wọ ẹgbẹ́ wọn tipẹ́.

Imogen Napper àti Richard Thompson ti Yunifásítì Plymouth ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì dán an wò, wọ́n sì gbé àbọ̀ rẹ̀ jáde ní 2019. Wọ́n fi oríṣi ọ̀rá márùn-ún síta gbangba, wọ́n ri òmíràn mọ́lẹ̀, wọ́n ri àwọn kan sínú omi òkun. Lẹ́yìn ọdún 3, wọ́n hú ọ̀rá “tó ń jẹrà” jáde nínú ilẹ̀, wọ́n fà á jáde nínú omi, ó sì ṣì gbé ẹrù ọjà. Èyí tó wà nínú afẹ́fẹ́ gbangba ńkọ́? Kò ju oṣù 9 lọ tí gbogbo oríṣi máràrún fi fọ́ sí wẹ́wẹ́, àti ọ̀rá lásán tí kò ní èròjà kankan.

Ìdí rẹ̀ kò ṣòro. Oòrùn ló ń gé ẹ̀wọ̀n yẹn, oòrùn kì í sì í dé abẹ́ ilẹ̀. Nítorí náà, lábẹ́ ilẹ̀ ọ̀rá náà á jókòó bó ṣe wà. Lórí ilẹ̀ á fọ́. Èyí tó burú jù ni kó wà lórí ilẹ̀ ní oṣù bíi mélòó kan, kó gan, kí òjò tàbí ọkọ́ wá rì í mọ́lẹ̀ ní ègé. Ìjọba Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù ti fòfin de ọjà tí wọ́n fi ike ọ́kísò ṣe láti July 3, 2021.

Ẹnìkan á ní, “Èyí tí wọ́n fi àgbàdo ṣe ńkọ́?” Ìyẹn yàtọ̀, kòkòrò lè jẹ ẹ́ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹ wo ibi tí wọ́n ti dán an wò. Èyí tó bá ní àmì EN 13432, ìyẹn ìlànà Yúróòpù fún ike tó ń di ajílẹ̀, lára gbọ́dọ̀ jẹrà nínú òkìtì gbígbóná ti ilé iṣẹ́ ajílẹ̀, tí ìgbóná rẹ̀ tó bíi 58 °C. Òkìtì ẹ̀yìnkùlé kì í sábà gbóná tó bẹ́ẹ̀ pẹ́. Nínú ìdánwò Plymouth yẹn, ọ̀rá irú èyí pòórá nínú òkun láàárín oṣù 3, ṣùgbọ́n nínú ilẹ̀, ó ṣì wà níbẹ̀ lẹ́yìn oṣù 27, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò lè gbé ẹrù mọ́. Bí kò bá sí ilé iṣẹ́ tó máa gbà á lọ́wọ́ yín, àmì yẹn ò fi bẹ́ẹ̀ wúlò fún yín.

Bí ẹ bá fẹ́ mọ̀ bóyá ègé ọ̀rá ti wà nínú ilẹ̀ yín, ẹ bu ìkúnwọ́ ilẹ̀ gbígbẹ kan sínú ìgò, ẹ da omi tí ẹ ti po iyọ̀ sí títí tí kò fi yòrò mọ́ lé e, ẹ rò ó, ẹ jẹ́ kó silẹ̀ di ọjọ́ kejì. Pọlitíìnì á léfòó. Koríko àti gbòǹgbò náà á léfòó, nítorí náà ẹ fi abẹ́rẹ́ tí ẹ ti mú gbóná kan ègé tó bá ń ṣe yín ní iyèméjì: ike á yọ́ tàbí kó ká kò, koríko á jó. Ike ìgò omi ò ní léfòó nínú omi iyọ̀ yìí, èyí tó bá sì kéré ju ohun tí ojú lè rí lọ, ọ̀nà yìí ò lè bá yín mú un.

Gbogbo ọgbọ́n tó wà níbẹ̀ ni kí ẹ kó ike kí ó tó gan. Ẹ fi àtàǹpàkò fa etí rẹ̀: bó bá ń nà, ẹ ṣì lè kó o ní odidi, bó bá ń ya láì nà, ẹ máa yára. Ẹ má fi ọ̀rá, tapólì tàbí àpò sìmẹ́ǹtì oníke sílẹ̀ nínú oòrùn lásán, ẹ má sì rì wọ́n mọ́lẹ̀. Àgbẹ̀ tó ń tẹ́ ọ̀rá sórí ebè, èyí tó nípọn ni kó rà, nítorí èyí tó tín-ín-rín jù kò ṣeé ká ní odidi lẹ́yìn ìkórè. Ohun tí Ṣáínà rí nìyẹn tí wọ́n fi yí ìlànà wọn padà ní 2017, tí ìnípọn tó kéré jù fi kúrò ní mílímítà 0.008 di 0.010.

Ní ti òkìtì mi, mo jọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹ́ta, mo sì kó ègé tó kún ìkúnwọ́ jáde. Èyí tó kéré ju ihò asẹ́ lọ ti bá ajílẹ̀ wọ inú ilẹ̀, ibẹ̀ ló sì wà títí di òní.