Ọ̀rọ̀ dókítà kọ́ ló ń pa aláìsàn jẹjẹrẹ

Ọ̀pọ̀ wa ló gbà pé bí dókítà bá là á mọ́lẹ̀ pé àìsàn kan ò ní gbóògùn mọ́, ọ̀rọ̀ náà gan-an ni yóò pa aláìsàn. Ìdí nìyẹn tí àwọn ẹbí fi ń fa dókítà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan pé, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ fún bàbá o." Àwọn dókítà kan náà gbà bẹ́ẹ̀, wọn á wá ní, "Ẹ̀dọ̀ wọn ló ń dà wọ́n láàmú díẹ̀, ẹ ṣáà máa gbàdúrà." Ìgbàgbọ́ yìí kì í ṣe òótọ́, ó sì ń ná ẹbí lówó. Nígbà míì, ó lè gba ẹ̀mí ẹlòmíràn nínú ilé kan náà.

Kì í ṣe àwa Yorùbá nìkan ló gbà á gbọ́. Ní 1961, wọ́n bi àwọn dókítà ní Amẹ́ríkà bóyá wọ́n máa ń sọ fún aláìsàn pé jẹjẹrẹ ló ń ṣe é. Nínú dókítà 10, bíi 9 ní àwọn kì í fẹ́ sọ ọ́. Nígbà tí wọ́n tún béèrè ní 1979, ìdá 97 nínú 100 ní àwọn ń sọ ọ́. Ní 2008, Alexi Wright, dókítà kan ní Amẹ́ríkà, àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ̀ lé àwọn tí jẹjẹrẹ wọn ti le kọjá ìwòsàn. Àwọn tí dókítà bá sọ̀rọ̀ òpin ayé wọn kò ní ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn ju àwọn tí wọn ò bá sọ ọ́ lọ. Ẹ̀rọ àti ìtọ́jú tó ń fìyà jẹni láìwúlò sì dín kù fún wọn lópin.

Síbẹ̀, mo mọ ibi tí ìgbàgbọ́ náà ti ráyè. Dókítà tó dúró ní ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì, tó ju ọ̀rọ̀ sílẹ̀, tó sì bá tirẹ̀ lọ, ń ṣe ènìyàn léṣe. Ìròyìn burúkú máa ń da ọkàn rú, pàápàá lọ́jọ́ mélòó kan àkọ́kọ́. Bí a ṣe sọ ọ́ àti bí a ṣe dúró ti ẹni tí a sọ ọ́ fún ló yẹ ká tún ṣe.

Ẹ jẹ́ ká fi àpẹẹrẹ kan ṣe é. Bàbá awakọ̀ kan, ẹni ọdún 56: ojú rẹ̀ ti pupa rúsúrúsú, omi ti kún inú rẹ̀, ó ti rù. Àyẹ̀wò fi hàn pé jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀ ni, ó sì ti dé ẹ̀dọ̀fóró. Kòkòrò mẹ́dọ̀wú oríṣi B ló fà á, ó ti wà lára rẹ̀ fún ọdún pípẹ́ láìjẹ́ pé ó mọ̀.

Kí dókítà tó pe ẹbí rárá, bàbá ni yóò kọ́kọ́ bá sọ̀rọ̀. Òfin Ìlera ti orílẹ̀-èdè wa, ti ọdún 2014, sọ pé ọ̀rọ̀ ìlera aláìsàn jẹ́ àṣírí rẹ̀. Àyàfi àwọn ìgbà díẹ̀ tí òfin yọ sílẹ̀, a kò gbọdọ̀ sọ ọ́ láìgba àyè lọ́wọ́ rẹ̀. "Bàbá, àbájáde àyẹ̀wò yín ti dé. Ṣé ẹ fẹ́ kí n ṣàlàyé gbogbo rẹ̀ fún yín, àbí ẹnì kan wà tí ẹ fẹ́ kí n bá sọ ọ́?" Bàbá ní, "Ẹ bá ìyàwó mi, àbúrò mi àti àkọ́bí mi sọ ọ́ ná. Èmi á bi yín tó bá yá." Ẹ̀yin dókítà, ẹ kọ ìdáhùn yẹn sínú fáìlì.

Ẹ wá yàrá tó ní ilẹ̀kùn, kí gbogbo yín jókòó, kí nọ́ọ̀sì tó mọ bàbá wà níbẹ̀. Ohun tí wọ́n mọ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ béèrè: "Mà, kí ni wọ́n ti sọ fún yín nípa àìsàn bàbá?" Ìyàwó ní, "Wọ́n ní ibà pọ́njú ni. Tí omi inú bá ti gbẹ, a ó máa lọ sílé." Ẹ ti wá mọ bí ọ̀nà tí ẹ máa rìn ṣe jìn tó.

"Mà, ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ ò dára." Ẹ dákẹ́ díẹ̀ kí wọ́n lè di ara wọn mú. "Jẹjẹrẹ ló wà nínú ẹ̀dọ̀ bàbá. Ó ti dé inú ẹ̀dọ̀fóró wọn. Kò sí oògùn tàbí iṣẹ́ abẹ tó lè mú un kúrò. Àìsàn yìí ló máa gba ẹ̀mí wọn."

Ẹ tún dákẹ́ níbí. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ dókítà ti ń bà á jẹ́, nítorí wọn ò lè fara da ẹkún ìyàwó, wọ́n á wá máa to orúkọ oògùn tí ẹnikẹ́ni ò gbọ́. Tí ó bá sunkún, ẹ jẹ́ kó sun ún.

Àbúrò ló máa ń kọ́kọ́ sọ̀rọ̀: "Tí a bá ta ilẹ̀ wa, tí a gbé wọn lọ sí Íńdíà ńkọ́?"

"Mo rí i pé ẹ ṣe tán láti fi gbogbo ohun tí ẹ ní tọ́jú wọn. Iṣẹ́ abẹ ẹ̀dọ̀, ẹni tí ẹ̀dọ̀ rẹ̀ ṣì lágbára ni wọ́n ń ṣe é fún. Wọn kì í sì í pààrọ̀ ẹ̀dọ̀ fún ẹni tí jẹjẹrẹ rẹ̀ ti kọjá sí ẹ̀dọ̀fóró. Bí ẹ bá ta ilẹ̀ náà, ibi kan náà ni ọ̀rọ̀ yóò já sí."

Tó bá fèsì pé, "Ìwọ kọ́ ni Ọlọ́run," ẹ má bá a jiyàn. "Òótọ́ ni, sà, èmi kọ́. Ohun tí mo rí nínú àyẹ̀wò ni mo ń sọ. Ẹ máa gbàdúrà yín, kí a jọ rí i pé ìrora ò fìyà jẹ wọ́n."

Wọ́n á béèrè iye àkókò tó kù. Ẹ má dá ọjọ́ fún wọn, ẹ má sì sá fún ìbéèrè náà: "Bí mo ṣe rí i, ọ̀rọ̀ ọ̀sẹ̀ díẹ̀ sí oṣù díẹ̀ ni, kì í ṣe ọdún. Ó lè yá ju bẹ́ẹ̀ lọ, ó sì lè pẹ́ sí i." Kí ẹ wá sọ ohun tí ẹ máa ṣe: ẹ ó máa fa omi inú kó lè rọrùn fún un láti mí. Ẹ ó fún un ní mọfíìnì, oògùn ìrora olómi tí a ń mu, ìwọ̀n kékeré ni, nítorí ẹ̀dọ̀ tó ti rẹ̀ kì í tètè gbé e kúrò lára, pẹ̀lú oògùn tí kò ní jẹ́ kí ìgbẹ́ le. Tó bá ń sọ ìsọkúsọ tàbí tó ń bì ẹ̀jẹ̀, kí wọ́n pè yín kíá. Ẹ fún wọn ní nọ́ńbà tí ẹnì kan máa gbé lóòótọ́.

Ìgbà yìí ni àkọ́bí máa sọ ọ́: "Dókítà, ẹ má sọ fún bàbá."

"Mi ò ní lọ ká ọ̀rọ̀ yìí mọ́ wọn lórí. Àmọ́ wọ́n ti ní àwọn á bi mí, mi ò sì ní parọ́ fún wọn. Kí lẹ̀ ń bẹ̀rù pé yóò ṣẹlẹ̀?" Ẹ jẹ́ kó sọ ọ́ tán. Aláìsàn tí kò fẹ́ gbọ́ wà, ẹ̀tọ́ rẹ̀ nìyẹn, kí a má fi tipá sọ fún un. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ló ti fura láti inú ara wọn. Bàbá yìí lè ní gbèsè tí òun nìkan mọ̀, tàbí ọmọ tó fẹ́ kó wá sílé.

Kí wọ́n tó dìde, ẹ bi ìyàwó: "Mà, tí ará ilé bá bi yín ohun tí dókítà sọ, kí lẹ máa sọ?" Tó bá ní, "Pé tí omi bá gbẹ, ara wọn á yá," ọ̀rọ̀ yín ò tíì wọlé. Ẹ tún un sọ pẹ̀lú gbólóhùn kúkúrú kan náà, kí ẹ sì dá ọjọ́ tí ẹ tún máa pàdé.

Ọ̀rọ̀ kan kù, òun ló sì máa ń bà mí lọ́kàn jẹ́ jù bí a bá fi àìsàn yìí pa mọ́. Mẹ́dọ̀wú B máa ń ran láti ara ìyá sí ọmọ nígbà ìbí, láti inú ẹ̀jẹ̀, àti láàárín ọkọ àti ìyàwó. Àbúrò tó ń sọ̀rọ̀ ilẹ̀ yẹn, ìyá kan náà ló bí òun àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ọdún 2004 ni abẹ́rẹ́ rẹ̀ wọ ètò àjẹsára ọmọdé ní Nàìjíríà, nítorí náà ọ̀pọ̀ àgbà ò gbà á. Ẹ gba àyè lọ́wọ́ bàbá, kí ẹ wá sọ fún wọn pé: "Kòkòrò kan ló bẹ̀rẹ̀ èyí, ó sì lè wà lára ẹlòmíràn nínú yín láìṣe é ní nǹkan kan. Kí gbogbo yín ṣe àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀. Ẹni tí kò bá ní in, tí kò sì tíì ní ààbò, á gba abẹ́rẹ́ mẹ́ta láàárín oṣù mẹ́fà. Ẹni tó bá ní in, a ó máa ṣọ́ ẹ̀dọ̀ rẹ̀, a ó sì fún un lóògùn tó bá yẹ, kó má baà di jẹjẹrẹ."