Ẹ Má Gba Owó-Orí Kan Náà Lẹ́ẹ̀mejì Lọ́wọ́ Òṣìṣẹ́

Àwọn tó ń tẹ̀lé ìròyìn mọ ìwé tí àwọn agbowó-orí ń fi ránṣẹ́ sí ọ́fíìsì àwọn agbanisíṣẹ́ ní Ìlọrin, Ọ̀fà àti Òmù-Àrán lẹ́nu ọjọ́ mélòó kan yìí. Ìwé náà ní òṣìṣẹ́ báyìí-báyìí jẹ gbèsè owó-orí, kí ọ̀gá rẹ̀ yọ ọ́ nínú owó-oṣù rẹ̀, kó sì san án fún ìjọba. Òfin ló fún àwọn agbowó-orí ní agbára yìí, wọn ò sì nílò àṣẹ ilé-ẹjọ́ kí wọ́n tó lò ó. A ò bá wọn jiyàn lórí ìyẹn. Ohun tí a ti ń sọ láti ọjọ́ yìí ni pé gbèsè tó ti fìdí múlẹ̀ nìkan ni agbára náà wà fún: gbèsè tí wọ́n ti kọ́kọ́ fi ìwé rẹ̀ lé onígbèsè lọ́wọ́, tí ọgbọ̀n ọjọ́ tí òfin fún un láti tako ó ti kọjá, tí kò sì wí nǹkan kan.

Ẹ jẹ́ ká gbé ọ̀rọ̀ akọ̀wé kan yẹ̀ wò, ní ilé-ìwé aládàáni kan l'Ọ́fà. ₦90,000 ni owó-oṣù rẹ̀, ìyẹn ₦1,080,000 lọ́dún, ilé-ìwé náà kì í sì í yọ owó ìfẹ̀yìntì. Lábẹ́ òfin tó wà títí di òpin ọdún 2025, wọ́n á kọ́kọ́ ya ₦200,000 sọ́tọ̀ fún un, wọ́n á tún ya ìdá kan nínú márùn-ún owó rẹ̀ sọ́tọ̀, tó jẹ́ ₦216,000. ₦664,000 tó ṣẹ́ kù ni owó-orí máa kàn: ìdá 7 nínú ọgọ́rùn-ún lórí ₦300,000 àkọ́kọ́, ìdá 11 lórí ₦300,000 tó tẹ̀lé e, ìdá 15 lórí ₦64,000 tó gbẹ̀yìn. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ ₦63,600 lọ́dún, ₦5,300 lóṣù.

Ìwé tó dé ọ̀dọ̀ ọ̀gá ilé-ìwé ní akọ̀wé yìí jẹ ₦190,800 fún ọdún 2022, 2023 àti 2024. Akápò rí i, ẹ̀rù bà á, ó mú gbogbo owó-oṣù akọ̀wé lọ́wọ́ kan. Bẹ́ẹ̀, ẹ wo ìwé owó-oṣù obìnrin náà láti ọdún mẹ́ta yẹn: ₦5,300 ni wọ́n ń yọ lóṣooṣù, wọ́n sì kọ ọ́ síbẹ̀ gbangba pé owó-orí ni. Ọ̀gá tí wọ́n ní kó yọ owó yìí lónìí náà ló ti yọ ọ́ tẹ́lẹ̀.

Níbo ni owó náà wà? Ọ̀nà méjì ni irú ọ̀rọ̀ yìí sábà máa ń gbà ṣẹlẹ̀. Ó lè jẹ́ pé ọ̀gá yọ owó, kò sì san án fún ìjọba, bẹ́ẹ̀ ọjọ́ kẹwàá oṣù tó tẹ̀lé e ni òfin ní kó ti san án. Èkejì ni kò hàn sójú: ilé-ìwé san owó ní báńkì, ó gba risíìtì, ṣùgbọ́n kò fi ìwé orúkọ àwọn òṣìṣẹ́ àti iye tí wọ́n yọ lọ́wọ́ ẹnì kọ̀ọ̀kan ránṣẹ́. Owó wọlé, kò sí orúkọ ẹnikẹ́ni lára rẹ̀. Lójú ìwé agbowó-orí, akọ̀wé yìí kò san kọ́bọ̀ rí. Ohun tí èèyàn á fi mọ èyí tó ṣẹlẹ̀ kò le: kó béèrè risíìtì oṣù kọ̀ọ̀kan, kó béèrè ìwé orúkọ tó bá a rìn, kó tún béèrè àkọsílẹ̀ ọdọọdún tí gbogbo agbanisíṣẹ́ gbọ́dọ̀ fi ránṣẹ́ kí oṣù January tó parí. Bí risíìtì bá wà tí ìwé orúkọ kò sí, a ti mọ ibi tí bàtà ti ń ta wọ́n lẹ́sẹ̀. Bí risíìtì gan-an kò bá sí, kí ọ̀gá wá sọ tẹnu rẹ̀.

Èyíkéyìí tó bá jẹ́, akọ̀wé yìí kò jẹ gbèsè. Òfin sọ pé owó-orí tí wọ́n ti yọ nínú owó-oṣù gbọ́dọ̀ dín iye tí wọ́n ń béèrè lọ́wọ́ òṣìṣẹ́ kù, èyí tí agbanisíṣẹ́ bá sì kùnà láti san, gbèsè agbanisíṣẹ́ ni, pẹ̀lú owó ìtanràn àti èlé. Ẹ̀yin agbowó-orí, kí ló dé tí ẹ ò fi ka ìwé tiyín kí ẹ tó kọ ìwé sí ọ̀gá oníṣẹ́? Ẹ̀yin lẹ ní àkọsílẹ̀ àwọn agbanisíṣẹ́ lọ́wọ́. Ẹ̀yin lẹ mọ ilé-ìwé tó fi ìwé orúkọ ránṣẹ́ àti èyí tí kò fi ránṣẹ́. Èwo wá ni ti kí ẹ fo ọ̀gá tó di owó mú, kí ẹ lọ mú akọ̀wé?

Ẹni tí irú ìwé yìí bá kan kò gbọdọ̀ bá ọ̀gá rẹ̀ jà kó sì jókòó. Ọ̀gá tó bá ju ìwé náà sẹ́yìn lè di ẹni tí wọ́n á máa gba gbèsè náà lọ́wọ́ rẹ̀. Kí òṣìṣẹ́ kọ́kọ́ gba ẹ̀dà ìwé náà, kó wo ọdún tí wọ́n kọ síbẹ̀, kó sì béèrè ọjọ́ tí wọ́n fi ìwé ìdíwọ̀n owó-orí, ìyẹn ìwé tó sọ iye tí wọ́n ní ó jẹ, lé òun fúnra rẹ̀ lọ́wọ́. Bí kò bá rí i gbà rí, kó kọ ìwé àtakò lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, kó má fi dúró de oṣù tó ń bọ̀, kó sọ ọ́ síbẹ̀ pé wọn kò fún òun. Kó sọ ìdí tó fi ta kò ó, kó kọ iye tí òun gbà pé ó tọ́, kó so ìwé owó-oṣù àti ẹ̀rí báńkì mọ́ ọn. Bó bá ti gba ìwé ẹ̀rí pé òun kò jẹ owó-orí rí, ọdún mẹ́ta ni irú ìwé bẹ́ẹ̀ máa ń kó pọ̀. Ẹ̀rí tó lágbára ni. Kó mú ẹ̀dà kan tí wọ́n lu òǹtẹ̀ gbígbà sí padà sílé.

Bó bá jẹ gbèsè náà lóòótọ́, bóyá ó ní ṣọ́ọ̀bù lẹ́gbẹ̀ẹ́ iṣẹ́ tí kò san owó-orí rẹ̀, kó kọ̀wé béèrè pé kí wọ́n jẹ́ kí òun san án díẹ̀díẹ̀. Fún akọ̀wé, Òfin Iṣẹ́ ní gbogbo ohun tí wọ́n á yọ lóṣù kan kò gbọdọ̀ ju ìdá kan nínú mẹ́ta lọ. Lórí ₦90,000, ₦30,000 nìyẹn. Ó kéré tán, oṣù méje ni ₦190,800 máa gbà, kì í ṣe oṣù méjì. Òfin yẹn kò ka àwọn ọ̀gá àti àwọn amọṣẹ́dunjú mọ́ òṣìṣẹ́, nítorí náà olùkọ́ tó wà ní ilé-ìwé kan náà lè má rí ààbò tí akọ̀wé rí. Àléébù ńlá nìyẹn, ọwọ́ agbowó-orí ló sì kù sí láti fi ìdá kan nínú mẹ́ta ṣe ìwọ̀n fún gbogbo èèyàn.

Kí òṣìṣẹ́ tún ṣọ́ ọdún tí wọ́n ń ṣírò. Láti ọjọ́ kìíní January 2026, ₦800,000 àkọ́kọ́ lọ́dún kò ní owó-orí mọ́, ìdá 15 ló sì wà lórí ohun tó tẹ̀lé e; owó-orí akọ̀wé yìí á wálẹ̀ sí ₦42,000 lọ́dún. Òfin àtijọ́ ni wọ́n á fi ṣírò ọdún àtijọ́, òfin tuntun fún tuntun. Kí wọ́n má fi èkíní gba ti èkejì.

Bí agbowó-orí bá kọ̀ láti gba àtakò òṣìṣẹ́, Ìgbìmọ̀ Ìgbẹ́jọ́ Owó-Orí ló kù. Jọ́ọ̀sì ni wọ́n ń jókòó sí fún ẹkùn wa. Ẹ fojú inú wo akọ̀wé tó ń gba ₦90,000 tó ń wọkọ̀ láti Ọ̀fà lọ sí Jọ́ọ̀sì nítorí ₦190,800! A ti kọ ọ́ tẹ́lẹ̀, a tún ń kọ ọ́: kí ìgbìmọ̀ náà máa wá jókòó ní Ìlọrin.

Ní ti àwọn ìwé tó ti jáde, ohun tí a ń béèrè kò pọ̀. Kí wọ́n fà wọ́n sẹ́yìn lórí gbogbo òṣìṣẹ́ tí ìwé owó-oṣù rẹ̀ fi hàn pé wọ́n ti yọ owó náà, kí wọ́n kọ̀wé sí àwọn agbanisíṣẹ́ pé kí wọ́n mú risíìtì àti ìwé orúkọ wá, kí akápò ilé-ìwé náà sì dá owó-oṣù akọ̀wé padà kí oṣù yìí tó parí.