Orí àti èjìká: ìlà ọrùn já, àmọ́ ọjà ò bá yín ṣàdéhùn kankan

Ẹ̀yin ará mi tí ẹ ń wo ṣáàtì, ọ̀rọ̀ kan ti ń yún mi lẹ́nu tipẹ́. Bí àwòrán tí wọ́n ń pè ní orí àti èjìká, tí wọ́n ní ó ń sọ pé ọjà fẹ́ ṣubú, bá ti yọ lórí ṣáàtì báyìí, kí èèyàn tó bọ́jú tán láàárọ̀, ẹnì kan á ti gbé fọ́tò ẹ̀ sínú gúrúùpù Wásáàpù, á ti fi pupa fa ìlà sísàlẹ̀, á kọ nọ́ńbà kan síbẹ̀ pé ibí lọjà ń lọ, kò sí àríyànjiyàn. Bí ẹni pé òun àtọjà jọ mulẹ̀. Èmi náà ti gba irú ẹ̀ gbọ́ rí o, mo sì fowó kọ́ ọgbọ́n.

Ẹ jẹ́ ká yára wo nǹkan náà fúnra ẹ̀. Ọjà ti ń gòkè bọ̀ látẹ̀yìn, ó dé ibì kan ó bọ́ sílẹ̀ díẹ̀, ìyẹn èjìká òsì. Ó tún gòkè, ó kọjá ti àkọ́kọ́, orí nìyẹn. Ó tún bọ́, ó gbìyànjú lẹ́ẹ̀kẹta, àmọ́ kò lè dé ibi tórí dé, èjìká ọ̀tún nìyẹn. Ìlà tó so ìsàlẹ̀ méjèèjì pọ̀ là ń pè ní ìlà ọrùn. Títí tí ọjà á fi parí ọjọ́ nísàlẹ̀ ìlà yẹn, kò tíì sí nǹkan kan tó ṣẹlẹ̀, ẹni tó ti yá ọjà tà nígbà tí èjìká ọ̀tún ṣì ń yọ, kó lè rà á padà tó bá wálẹ̀, ó kàn ń méfò ni. Tágẹ́ẹ̀tì, ìyẹn ibi tí wọ́n retí kí ọjà ṣubú dé, wá ńkọ́? Ẹ wọn láti ṣóńṣó orí wálẹ̀ tààrà dé ìlà ọrùn tó wà lábẹ́ ẹ̀ gan-an, kẹ́ ẹ wá yọ iye yẹn kúrò níbi tí ìlà ti já. Ó tán.

Ibi tí wọ́n ti ń ṣì í nìyí: wọ́n gbà pé tí ìlà ọrùn bá ti já, ọjà gbọ́dọ̀ dé tágẹ́ẹ̀tì. Ẹ bá mi padà sí 2009, lórí S&P 500, ìyẹn atọ́ka ìpín àwọn ilé iṣẹ́ ńláńlá ní Amẹ́ríkà.

Ọjà yẹn ti jábọ́ burúkú dé 666 ní oṣù kẹta, ló bá dìde. Ní oṣù karùn-ún ó dé 930, ó bọ́ sí 879. Ní ọjọ́ 11 oṣù kẹfà ó dé 956, ó tún bọ́ sí 889 ní ọjọ́ 23. Ní ọjọ́ 1 oṣù keje ó gòkè dé bíi 932, ó rẹ̀ ẹ́. Ẹ rí i àbí? Èjìká, orí, èjìká. Kò sẹ́ni tí ò rí i nígbà yẹn, àwọn tí kì í wo ṣáàtì gan-an bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ọ́ lórí tẹlifíṣọ̀n. (Nígbà tí nǹkan bá ti dé orí tẹlifíṣọ̀n, ẹ yáa fura.)

Ẹ jẹ́ ká ṣírò ẹ̀ wàyí. Ẹni tó bá so ìsàlẹ̀ méjèèjì pọ̀, láti 879 dé 889, ìlà tiẹ̀ á fì sókè díẹ̀. Lábẹ́ orí, ìlà yẹn wà ní bíi 886, torí náà gíga ẹ̀ jẹ́ 70. Ní ọjọ́ 7 oṣù keje, ìlà ti gòkè dé bíi 892, ọjà sì parí ọjọ́ ní 881. Ó já. Ẹ yọ 70 kúrò nínú 892, tágẹ́ẹ̀tì jẹ́ 822. Àmọ́ ọ̀pọ̀ èèyàn ò lo ìlà tó fì yẹn, wọ́n kàn fa tiwọn gbọọrọ ní 880. Gíga tiwọn jẹ́ 76, tágẹ́ẹ̀tì tiwọn 804. Ọjà kan náà, ọjọ́ kan náà, ọrùn méjì, tágẹ́ẹ̀tì méjì! Èwo wá ni ọjà fẹ́ tẹ̀ lé nínú méjèèjì? Ẹni tó bá ń pe nọ́ńbà kan ṣoṣo bí ẹni pé Ifá ló dá a, ẹ bi í pé ìlà wo ló lò.

Kò dé ìkankan. Ní ọjọ́ 8 ó wọlẹ̀ dé 869 lọ́sàn-án, ó padà parí ní 879.56. Ní ọjọ́ 10, 879.13. Ọjọ́ 13, Mọ́ńdè, ó fò dé 901. Èsì èrè báńkì Goldman Sachs àti ti ilé iṣẹ́ Intel jáde ní ọjọ́ 14, ó dára ju báwọn èèyàn ṣe rò lọ, nígbà tó di ọjọ́ 15 ọjà ti parí ní 932, ó ti borí èjìká ọ̀tún. Ọjọ́ 23, 976, orí gan-an ti wà nísàlẹ̀. Ìgbà tí ọdún máa fi parí, 1115.

Kí ló dé? Èsì ilé iṣẹ́ yẹn dá kún un, àmọ́ ẹ wo àwọn tó ti tà nísàlẹ̀ ìlà. Gbogbo ẹni tó fẹ́ tà ló ti tà tán nígbà tí wọ́n rí i pé ọrùn já, kò wá sí ẹni tó kù tó máa ti ọjà wálẹ̀. Bó ṣe yí padà báyìí, dandan ni káwọn kan náà yẹn ra ohun tí wọ́n tà padà kí àdánù má bàa pa wọ́n, rírà tiwọn ló wá ń gbé ọjà lọ sókè.

Ẹ tún wo nǹkan kan. Àwọn tó fa tiwọn ní 880, 879.56 ni wọ́n pè ní jíjá. Kò tó pọ́ìntì kan! Àwọn tíréèdà àtijọ́ máa ń ní kí ọjà parí ọjọ́ ní ìdá mẹ́ta nínú ọgọ́rùn-ún sísàlẹ̀ ìlà kí wọ́n tó gbà, ìyẹn bíi 854 níbí, kò sì débẹ̀ rí, ẹni tó dúró dè é ò pàdánù kọ́bọ̀. Ṣùgbọ́n kò sí ọ̀fẹ́ o, nígbà tó bá já lóòótọ́, ẹ ti fi pọ́ìntì 26 sílẹ̀ nínú 76 tẹ́ ẹ fẹ́ jẹ, ìdá kan nínú mẹ́ta ti lọ.

Ẹ má sọ pé mo ní àwòrán yẹn ò wúlò. Ní 1995, Carol Osler àti Kevin Chang dán an wò lórí owó orílẹ̀-èdè mẹ́fà sí dọ́là, nínú ìwádìí tí Federal Reserve Bank ti New York gbé jáde. Ó mérè wá lórí máàkì Jámánì àti yẹ́ẹ̀nì Jàpáànù, kò mérè wá lórí mẹ́rin yòókù. Ohun tó ṣiṣẹ́ níbì kan tí ò ṣiṣẹ́ níbòmíì, ẹ ò lè fi gbogbo owó oúnjẹ sí i.

Ohun tó kù ni ibi tí ẹ máa sá sí. Ẹ sọ pé ẹ tà ní 881 pẹ̀lú tágẹ́ẹ̀tì 822, èrè jẹ́ 59. Tẹ́ ẹ bá gbé sitọ́ọ̀pù, ìyẹn iye tó máa yọ yín kúrò bí ọjà bá yí padà, sórí èjìká ọ̀tún ní 932 bí wọ́n ṣe ń kọ́ni, àdánù jẹ́ 51, tó túmọ̀ sí pé ẹ ní láti jàre nígbà 47 ó kéré tán nínú ọgọ́rùn-ún kẹ́ ẹ tó lè dọ́gba, a ò tíì ka owó dílà. Èmi kì í dúró pẹ́ tó bẹ́ẹ̀. Lóòótọ́, ọjà sábà máa ń padà wá fọwọ́ kan ìlà ọrùn lẹ́yìn tó bá já, kó tó tún ṣubú, torí náà èmi kì í sá torí pé ó kàn án. Tó bá wá parí ọjọ́ lókè ìlà gedegbe, bíi 901 yẹn nígbà tí ìlà wà ní 894, mo ti jáde, pọ́ìntì 20 ni mo pàdánù. Tó bá tún parí lókè èjìká ọ̀tún, èmi ò ní pe ara mi ní ẹni tó ń tà mọ́, rírà ni mo máa wá, nítorí mo mọ̀ pé àwọn kan ṣì há sísàlẹ̀ níbẹ̀ tí wọn ò tíì gbà.