Àbẹ́là aláwọ̀ ewé, owó sì dín

Àbúrò ìyàwó mi tó ń ta àdìrẹ lẹ́bàá Ọjà-Ọba l'Óṣogbo ló gbé fóònù rẹ̀ fún mi láàárọ̀ ọjọ́ kan. "Bọ̀ọ̀dá, ẹ bá mi wo nǹkan yìí. Àwọ̀ ewé nìyí, àwọn ará gúrúùpù wa sì ti ń kí ara wọn kú oríire. Kí ló dé tí owó tèmi fi dín?"

Fọ́tò ṣáàtì iye ṣíà kan ni. Ẹnìkan ló fi fóònù ya ojú kọ̀ǹpútà, tó sì fi sórí Wáàsáàpù. Àbẹ́là bíi méjìlá, ọ̀kọ̀ọ̀kan fún ọjọ́ kan, tò sínú rẹ̀, èyí tó gbẹ̀yìn lápá ọ̀tún sì tutù bí ewé ẹ̀fọ́. Lọ́jọ́ tó ṣáájú, obìnrin yìí ra ṣíà 2,000 ní ₦50 ẹyọ kan. Áàpù búrókà rẹ̀ wá ń sọ fún un pé owó rẹ̀ ti fi ₦4,000 dín. Ó rò pé áàpù náà ló ń ṣìṣe.

Áàpù kò ṣìṣe. Ohun tí a ti gbà gbọ́ nípa àwọ̀ ló ń tàn wá. Ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ ọjà ṣíà, nǹkan àkọ́kọ́ tí wọ́n máa sọ fún un ni pé tí àbẹ́là bá ní àwọ̀ ewé, ṣíà náà lọ sókè lọ́jọ́ náà, tó bá sì pupa, ó já wálẹ̀. Èmi náà gbà á bẹ́ẹ̀ fún ìgbà pípẹ́, torí pé lọ́pọ̀ ọjọ́ ló máa ń rí bẹ́ẹ̀. Ọjọ́ tí kò bá rí bẹ́ẹ̀ ló ń jẹ ni lówó.

Iye mẹ́rin péré ló wà nínú àbẹ́là kan. Èkíní ni iye tí wọ́n fi kọ́kọ́ ta ṣíà náà nígbà tí ọjà ṣí. Ẹ jẹ́ kí n pè é ní owó ìpàtẹ. Èkejì ni iye tó wà nígbà tí ọjà tú, ìyẹn owó ìkójà. Àárín àwọn méjèèjì yìí ni ara àbẹ́là, ibi tó nípọn. Òwú tó yọ lórí rẹ̀ ń fi iye tó ga jù lọ hàn, èyí tó yọ nísàlẹ̀ ń fi iye tó kéré jù lọ hàn. Owó ìpàtẹ àti owó ìkójà ló ń pinnu àwọ̀. Bí owó ìkójà bá ju owó ìpàtẹ lọ, àwọ̀ ewé. Bó bá kéré sí i, pupa. Kò sí àná nínú ọ̀rọ̀ yìí rárá.

Ibẹ̀ gan-an ni ọ̀ràn àbúrò wa wà. Ọjà tú ní ₦50 lánàá. Kí ilẹ̀ tó mọ́, àwọn tó fẹ́ tà ti pọ̀ ju àwọn tó fẹ́ rà lọ, kò sì sẹ́ni tó fẹ́ san ₦50 mọ́ láàárọ̀. ₦46 ni wọ́n fi pàtẹ. (Ní NGX, ọjà ṣíà ilẹ̀ Nàìjíríà, ṣíà kì í kọjá ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún sókè tàbí sísàlẹ̀ lọ́jọ́ kan, torí náà ₦45 ni ìsàlẹ̀ tí èyí lè dé.) Lẹ́yìn náà ni àwọn olùrà dé, ó gun òkè díẹ̀, ó dé ₦48. Láti ₦46 sí ₦48, ó gòkè, àbẹ́là sì gba àwọ̀ ewé. Ṣùgbọ́n ₦50 ni àbúrò wa rà á. Ó pàdánù ₦2 lórí ẹyọ kan, ìlọ́po 2,000 sì ni ₦4,000. Àbẹ́là náà ò parọ́, ìbéèrè mìíràn ló ń dáhùn.

Òdì kejì rẹ̀ náà wà. Kí ṣíà tó tú ní ₦50 lánàá pàtẹ ní ₦54 lónìí, kó tú ní ₦52. Pupa ni yóò jẹ́, àwọn kan nínú gúrúùpù á sì máa sunkún, nígbà tó jẹ́ pé ẹni tó ti ní in láti àná ti jèrè ₦2.

Báwo lèèyàn ṣe ń mọ̀ nínú fọ́tò? Ẹ wo àyè tó wà láàárín àbẹ́là òní àti ti àná. Ẹ kọ́kọ́ wá owó ìkójà àná: orí ara àbẹ́là ló wà bí ti àná bá jẹ́ àwọ̀ ewé, ìdí rẹ̀ ló wà bó bá pupa. Mo gba etí ìwé owó ọjà lọ́wọ́ rẹ̀, mo fi tẹ́ ojú fóònù ní ọ̀gangan ibẹ̀, mo fà á lọ sápá ọ̀tún. Gbogbo àbẹ́là tútù náà, tòun ti òwú orí rẹ̀, ló wà lábẹ́ ìwé. Ó ní, "Háà." Lókè fọ́tò náà, ní lẹ́tà wínníwínní, ni èyí tún wà:

```
O46.00 H48.50 L45.50 C48.00 −2.00 (−4.00%)
```

O ni owó ìpàtẹ, C ni iye tó wà lọ́wọ́lọ́wọ́, H àti L ni òkè àti ìsàlẹ̀. −2.00 ni ìyàtọ̀ sí owó ìkójà àná. Ìdáhùn ti wà níbẹ̀ látilẹ̀, àwọ̀ ni gbogbo wa ń wò. Ẹni tó bá ń fi TradingView wo ṣáàtì lè yí i padà nínú ètò rẹ̀, níbi tí wọ́n kọ `Color bars based on previous close` sí. Àwọ̀ á wá máa tẹ̀lé àná. Ní ilẹ̀ Ṣáínà, pupa gan-an ni wọ́n fi ń sàmì ìgòkè, àwọ̀ ewé sì ni ti ìjábọ́, nítorí náà ẹ má kan gba fọ́tò tí ẹ ò mọ ibi tó ti wá.

Kí n tó gbàgbé, kì í ṣe gbogbo àyè bẹ́ẹ̀ ni ìpàdánù. Bí ilé-iṣẹ́ bá pín èrè ₦4 lórí ṣíà kan, wọ́n máa ń yọ ọ́ kúrò lára iye rẹ̀, ₦50 á di ₦46 kí ọjà tó ṣí. Ẹni tí orúkọ rẹ̀ ti wà nínú ìwé lásìkò máa gba ₦4 yẹn, tí wọ́n bá ti yọ owó orí ìdá mẹ́wàá, ₦3.60. Mo wò ó bóyá ìyẹn ló ṣẹlẹ̀ sí tirẹ̀. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀.

Ó kù nǹkan kan tí fọ́tò ò lè sọ. Aago mọ́kànlá ààbọ̀ ni wọ́n yà á, ọjà ò tíì tú. Àbẹ́là tí ọjọ́ rẹ̀ ò tíì parí, C rẹ̀ ń rìn ni, àwọ̀ rẹ̀ sì lè yí padà nígbàkígbà. Mo sọ fún un, ó mi orí, ó padà sídìí àdìrẹ rẹ̀.

Nírọ̀lẹ́, ó fi fọ́tò tuntun ránṣẹ́ sí mi, èyí tó yà fúnra rẹ̀. C ti di 45.60. Àbẹ́là àárọ̀ náà ti pupa, ₦8,800 ló sì ti dín báyìí. Ohun tó kọ sábẹ́ rẹ̀ ò ju èyí lọ: "Bọ̀ọ̀dá, àwọn ará gúrúùpù ò sọ̀rọ̀ mọ́ o."