Kò dìgbà tí a bá dé ìdajì

“Kí o tó mọ̀ pé nọ́ńbà kan kò ṣeé pín mọ́, o gbọ́dọ̀ dán gbogbo nọ́ńbà wò títí dé ìdajì rẹ̀.”

Irọ́ ni. Ẹ mú 9,394, kí a pín in títí yóò fi ku àwọn nọ́ńbà tí kò ṣeé pín mọ́. Ẹ fi 2 pín in, ó ku 4,697. 3 àti 5 kò pín in géérégé, 7 pín in, ó ku 671. Ẹ tún fi 7 dán an wò (ibí lọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà): kò pín in mọ́. 11 pín in, ó ku 61.

Ẹ dúró níbẹ̀. 11 × 11 jẹ́ 121, ó ti ju 61 lọ. Bí 61 bá ṣeé pín, ọ̀kan nínú àwọn tó pín in ì bá kéré sí 11, a ò bá sì ti bá a pàdé. Ohun tó kù lọ́wọ́ là ń wò, kì í ṣe 9,394 mọ́. Ìdáhùn: 2 × 7 × 11 × 61.